Ọfà Tó Kọjú Sókè

Láti Èkó ni ọmọkùnrin náà ti wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n alága ẹgbẹ́ òbí ni, ó kàwé gboyè nínú fisíìsì, ó sì ń wá iṣẹ́ olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ wa ní Òmù-Àrán. Ọ̀gá wa ní kó kọ́ kíláàsì kan lójú wa; alága náà wá jókòó. Èmi ni àgbà olùkọ́ fisíìsì. Bí mo bá fọwọ́ sí i, ó ríṣẹ́ nìyẹn.

Bàtà rẹ̀ ń dán. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà ń dán. Ó ya bọ́ọ̀lù tó ti kúrò lọ́wọ́, tó ń gòkè lọ, sójú pátákó, ó sì ya ọfà méjì sí i lára: kékeré kọjú sílẹ̀, ńlá kọjú sókè.

"Kékeré yìí ni ìwúwo rẹ̀," ó ní. "Ńlá yìí ni ipá ọwọ́ tó jù ú. Bí èyí bá tán, bọ́ọ̀lù á já bọ́."

Àwọn ọmọ ń dà á kọ.

Mo ti lé lógún ọdún kí n tó wọ fọ́ọ̀mù kìíní. Mi ò ní sùúrù fún ẹni tí wọ́n tètè rán níléèwé, tó wá ń fi irú èyí hàn wá.

"Ọwọ́ ta ló wà lára bọ́ọ̀lù lókè yẹn?" mo bi í.

"Ipá yẹn ti wọ inú bọ́ọ̀lù, sà."

"Bí iyọ̀ ṣe ń wọ ẹran?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Alága fò dìde. "Olùkọ́! Ṣé torí ẹ ò rí ẹni bá jiyàn nílé mọ́ lẹ ṣe ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀sín?"

Ìyàwó mi ti kú. Òun ì bá mọ èsì tó yẹ ẹ́. Ìṣó lèmi mú.

Mo fi dá ẹ̀gbẹ́ ike omi kan lu nítòsí ìdí, mo bu omi sí i láìdé e. A jáde sí pápá, mo gbé e fún ọmọkùnrin náà. Omi ń tú láti ojú ihò.

"Jù ú sókè. Ihò yẹn ni kó o máa wò."

Ó jù ú. Bí ike ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, omi dá. Ó ń gòkè, kò jò. Ó ń bọ̀ nílẹ̀, kò jò. Bó ṣe gbá a mú, omi tún ń tú.

"Bí ipá kan bá ṣì ń ti ike yẹn lọ sókè," mo ní, "ìdí ike á máa ti omi, omi á sì máa tú bó ṣe ń tú lọ́wọ́ rẹ. Ìyára lọwọ́ fún un. Ohun tó ti ń lọ kò nílò ẹni tí á máa tì í. Bí a bá yọ ipá afẹ́fẹ́ kúrò, ìwúwo nìkan ló kù lára rẹ̀: òun ló ń dín ìyára yẹn kù títí á fi tán lókè, òun náà ló ń fà á padà."

"Ihò yẹn ti dí ni," alága ní, níbi tí omi ti ń tú sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọmọkùnrin náà kò wò ó. Ó tún ju ike náà, ó tún jù ú, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tutù. Nígbà tó wọlé, ó nu ọfà òkè kúrò lójú pátákó.

"Ẹ pa á rẹ́," ó sọ fún wọn. "Irọ́ ni mo kọ́ yín."

Mo fọwọ́ sí i.

Alága bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun ti mọ̀ pé ọmọ òun á yege. Mo gba ọwọ́ mi padà.