Àwòrán Ìsanwó

Nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò gbà ju àga mẹ́ta lọ, àbúrò mi obìnrin ń fi fóònù bá àwọn èèyàn gba owó, ó sì ń bá wọn fi ránṣẹ́. Ó lẹ ìwé kan mọ́ ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀: “A kì í gba àwòrán ìsanwó. Bí owó kò bá tíì wọlé, ẹ jókòó.” Ojú rẹ̀ le lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dá olóyún kan jókòó fún odindi wákàtí kan, torí pé àwòrán lásán ló mú wá.

Òun yìí kan náà ni àjèjì kan kọ̀wé sí lórí fóònù, pé kó fi ogún ẹgbẹ̀rún náírà ránṣẹ́, òun á sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún kí wákàtí kan tó pé. Ọlọ́gbọ́n wa fi ránṣẹ́. Olè náà fi àwòrán ìsanwó dá a lóhùn, ó ní owó ti há, kó san ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún kó lè jáde. Ó san án. Olè tún ní ó ku ogójì. Ó tún san án. Ni olè bá bulọ́ọ̀kì rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó!” Ó na fóònù sí mi, àwòrán ìsanwó yẹn ló wà lójú rẹ̀. “Owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ó wà lọ́nà ni.”

Mo ní, “Yíjú padà, ka ìwé ẹ̀yìn ẹ yẹn sí mi létí.”

Ó kà á láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Ó wá wò mí bíi pé èmi ni kò gbọ́n.

“Ìyẹn? Àwọn kọ́sítọ́mà ni mo kọ ọ́ fún.”