Tíì Alẹ́ àti Gbànja Ọ̀sán

Ọdún tí a kúrò nílé, tí a kó lọ sí Logan Town nílẹ̀ àjèjì, ni oorun kọ̀ mí sílẹ̀. Ní alẹ́, ojú mi á dá ṣáká. Tó bá wá di ọ̀sán, tí mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù léèsì mi, orí mi á máa já bọ́ sórí tábìlì. Lọ́jọ́ kan, mò ń wọn aṣọ fún oníbàárà kan, mo tòògbé, mo sì gé e kúrú ní yáàdì méjì. Obìnrin náà wò mí títí, ó ní, "Ole Ma, da sleep you selling?" Ó ń bi mí bóyá oorun ni mò ń tà. Gbogbo ìsọ̀ tó yí wa ká ló rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà dé etí ọkọ mi. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, ó ní òun ni yóò máa ṣí i, òun ni yóò máa tì í. Tí mo bá tún sùn nídìí ọjà kí oṣù tó parí, àbúrò òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ni yóò gba ṣọ́ọ̀bù náà. Inú bí mi gan-an. Ọmọkùnrin náà kò mọ léèsì yàtọ̀ sí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

Mo ra koríko ọba lọ́wọ́ ìyá kan tó ń kó o wá láti Caldwell, nítorí wọ́n ní ó ń mú ara rọlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń se àgbo nílé wa ni mo ṣe sè é: ìkòkò kíkún, odidi ìdì kan. Mo tún ju àpò tíì dúdú méjì sí i, mo bu mílíìkì lé e, torí tíì wo ni tíì tí kò ní mílíìkì? Ife tánganran ńlá mẹ́ta ni mo máa ń mu kí n tó gun bẹ́ẹ̀dì. Ìtọ̀ ni mo ń tọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà.

Nọ́ọ̀sì kan, ará Ìjẹ̀bú, àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ọjọ́ Sátidé ló wá ra aṣọ, mo sì ro ẹjọ́ mi fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní tíì dúdú ń la ojú ni, kì í mú oorun wá, àti pé ife kan ṣoṣo tó ènìyàn, ní bíi wákàtí kan kí ó tó sùn, kí àpòòtọ̀ lè ráyè. Ó béèrè bóyá mo lóyún, bóyá mo ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bóyá òdòdó máa ń yún mi lára. Mo ní rárá. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á fún mi ní òdòdó gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní kamomáìlì, tí òun rà ní ṣọ́ọ̀bù ará Lẹ́bánónì ní Mamba Point. Kí n da omi gbígbóná lé e, kí n bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kì í fi tipá kunni lóorun, ó kàn lè ran ara lọ́wọ́ ni. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí oorun kò dé, kí n fi tíì sílẹ̀, kí n wá rí dókítà.

Ó ti dìde tán kó tó rí eyín mi tó pọ́n.

"Gbànja mélòó lò ń jẹ lójúmọ́?"

Mo ní kò pọ̀. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, a ó jọ pín ọ̀kan. Tí oorun bá sì fẹ́ gbé mi lẹ́yìn àláásárì, mo máa ń fi òmíràn lé e lọ.

"Ṣé o rí i? O ń fi tíì pe oorun lálẹ́, o ti fi gbànja lé e jáde lọ́sàn-án. Èwo ni kó gbọ́?"

Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ gbànja mọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Èmi náà ò ní torí oorun fi obì du àlejò: mo ń fún wọn ní tiwọn, mo ń di awẹ́ tèmi mọ́ ìṣẹ́tí ìró. Fún ọjọ́ mẹ́ta, orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀. Mo ń mu ife kamomáìlì kan, tàbí ti koríko ọba díẹ̀, bí mo bá ti kírun ìṣáì tán. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sun oorun títí ọkọ mi fi jí mi fún àsùbáà.

Bí oṣù ṣe ń parí lọ, ọkọ mi mú àbúrò rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó láti máa ṣọ́ ìgbà tí màá tòògbé. Mo fi gbànja ṣe wọ́n lálejò. Mo ń wọn aṣọ, mo ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, ojú mi là kedere. Ọkọ mi ń wò mí, ó ń jẹ gbànja. Nígbà tí a pe màgàríbì, ó ti jẹ awẹ́ mẹ́fà, kò sì rí ohun tó ń ṣọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú ọkọ mi pọ́n bí ata. Kò sùn rárá. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní àbúrò òun lè máa bá mi gbé ẹrù. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ó ṣẹ́kù nínú tíì ẹ yẹn?"

"Ó kù, Alájì. Lẹ́yìn ìṣáì ni wọ́n ń mu ún. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kó gbànja tó wà nínú àpò yín fún mi."