Lẹ́tà V Lórí Owó Yúrò

Láti kékeré ni ẹnu mi ti ń kó bá mi. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó ní Peckham, nílùú London, ó kó bá ẹlòmíràn.

Mo kọ́ ọgbọ́n kan lórí ẹ̀rọ ayélujára. Tí èèyàn bá yí owó yúrò tuntun sẹ́yìn, á rí nọ́ńbà rẹ̀ lápá òkè. Lẹ́tà méjì ló ṣáájú nọ́ńbà náà, èyí àkọ́kọ́ ló sì ń sọ ibi tí wọ́n ti tẹ owó náà. X, W àti R, Jámánì ni. S, Ítálì. V, Spéènì. Mo há wọn sórí, mo wá sọ ara mi di aríran lẹ́yìn gíláàsì. Oníbàárà á na owó sí mi, èmi á ní, "Ah, Uncle, eléyìí ti Ítálì wá o!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, inú mi á sì máa dùn bíi ti ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá láti ilé ìwòsàn Camberwell. Mummy ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ọmọ náà ti gbé Spéènì rí, ó kó ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ níbẹ̀, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tó jáde, ó búra fún ìyá rẹ̀ pé òun kò ní fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ yẹn mọ́. Ó ní Jámánì lòun wà, pé inú wíàháòsì tí wọ́n ń kó ẹrù sí lòun ti ń ṣiṣẹ́. Lóṣooṣù ló ń fi àpòòwé owó yúrò rán ẹni tó bá ń bọ̀ ní London, Mummy á sì gbé e wá fún wa.

Ní Sátidé kan, owó inú àpòòwé náà tuntun débi pé ó ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Mo yí wọn sẹ́yìn. V. V. V.

"Mummy, Spéènì ni gbogbo owó yìí ti wá o!"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ojú wọn yí padà, wọ́n di etí káńtà mú.

"Ṣé o sure?"

"Mo sure dáadáa, ma. V nìyí."

Ìṣojú mi ni wọ́n ti pe ọmọ náà. "Spéènì lo wà! Owó ẹ ti jẹ́rìí sí ẹ, V ló wà lára ẹ̀!" Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù, "Mummy, I swear, Jámánì ni mo wà." Wọ́n pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn ò ní gbé ìpè rẹ̀ mọ́ láyé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ń fọ́nnu fún ọ̀gá mi, bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ owó. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ní:

"Ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ni lẹ́tà yẹn ń sọ. Kò sọ ibi tí wọ́n ti ná an. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń ná yúrò ló jọ ń pín in lò. Báńkì ní Jámánì lè san èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Spéènì fún ẹ, tuntun fọ́nfọ́n."

Ó yẹ kí n lọ sọ fún Mummy. Bọ́ọ̀sì kan péré ló máa gbé mi dé Camberwell, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Mo ní màmá náà á kúkú wá níparí oṣù. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́, síbẹ̀ n kò lọ. Tí mo bá rí aṣọ nọ́ọ̀sì lójú fèrèsé, màá lúgọ sẹ́yìn káńtà.

Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n na àpòòwé sí mi. Owó ọ̀tẹ̀ yìí ti gbó, ó rún, kò sí méjì tó bára dọ́gba.

"Ka lẹ́tà wọn fún mi."

X. W. X. R. X. Mo kà á tán, kò sí V kan ṣoṣo níbẹ̀.

Wọ́n yọ bébà kékeré kan, wọ́n kà á sí mi létí: "Mummy, mo ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Jámánì ni gbogbo wọn. N kò ní rán mọ́, n kò sì ní pè mọ́." Wọ́n ní ó di ọjọ́ mẹ́rin táwọn ti ń pè é, tí fóònù rẹ̀ kò lọ.

"Ó wà ní Jámánì lóòótọ́, àbí?"

Ìgbà yẹn ni mo tó sọ ọ́, pé lẹ́tà kankan kò lè sọ ibi téèyàn wà, pé V yẹn kò jẹ́rìí sí nǹkan kan rárá.

Mummy bi mí pé, "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ma."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni wọ́n wí. "Ó ṣì ń pè mí nígbà yẹn."