Ọjà Ẹlòmíràn Lórúkọ Mi

Ní ọjà wa ní Ìlaró, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Bí ẹni tó pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ bá lọ kírun, tàbí tó sáré lọ sí ìkómọ, ìwọ lo máa bá a tajà. Iye tí òun náà ń tà á ni wàá tà á, wàá ki owó rẹ̀ sábẹ́ aṣọ tó tẹ́ sórí àtẹ, o ò sì ní mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá mú kọ́bọ̀, wọn ò ní bá a jà, àmọ́ ọjọ́ tí òun náà bá fẹ́ kúrò nídìí ọjà, kò ní rí ẹni tó máa jókòó tì í. Inú òfin yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Òun náà ló kó mi sí wàhálà, òun náà ló sì yọ mí.

Ọṣẹ dúdú àti òrí ni mò ń tà. Nígbà tí ọjà ò yá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ọmọ mi obìnrin bá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sórí ọ̀kan nínú àwọn ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gba NIN mi, wọ́n gba nọ́ńbà báńkì mi, wọ́n ní kí n ya fọ́tò ojú mi. Mo yà á tán, inú bí mi sí i, torí ojú mi ò burú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àwọn ọmọge Èkó ń ra ọṣẹ mi bí ẹni pé wọn ò wẹ̀ rí.

Kò pẹ́ tí Màmá tó ń ṣe àdín lẹ́yìn ilé wa fi gbọ́. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn ò bí mi, àmọ́ wọ́n ti nà mí rí, ìyẹn sì tó ìyá. Wọ́n ti lọ ṣe NIN títí ó ti sú wọn, ẹ̀rọ ò gba ìka wọn. Òkúta tí wọ́n fi ń pa èkùrọ́ láti kékeré ti jẹ gbogbo ìlà ìka wọn tán. Láìsí NIN, kò sí báńkì. Láìsí báńkì, kò sí ṣọ́ọ̀bù orí fóònù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi gbé àdín mi sórí nǹkan rẹ yẹn." Kí ni mo fẹ́ sọ?

Lẹ́yìn náà ni Àlàájà kó tirẹ̀ dé. Ẹgbẹ́ mi ni, a jọ lọ sí ilé-kéú, ṣọ́ọ̀bù tó ti ń rán híjáàbù sì kọjú sí tèmi gan-an. Òun ní NIN, ó ní báńkì, sùúrù ni kò ní. Ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ rí, ó gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, ó ṣí òmíràn, ó tún gbàgbé, ló bá pa á tì. Mo gba tirẹ̀ náà. Bí owó bá wọlé, mo máa ń fi ti Àlàájà ránṣẹ́ sí báńkì rẹ̀. Ti Màmá, mo máa ń lọ gbà á lọ́dọ̀ onípíọ́ọ̀sì, mo sì máa ń ka owó náà lé wọn lọ́wọ́. Mi ò mú kọ́bọ̀.

Nígbà tó tó àkókò láti sọ iye tí mo tà lọ́dún fún àwọn agbowó orí, mo kọ ti ọṣẹ àti ti òrí mi. Ẹnikẹ́ni ò lé mi kí n tó kọ ọ́. Mo tiẹ̀ ń fi yangàn fún àwọn ará ọjà pé èmi kì í sá fún ìjọba. Áà, ẹnu mi yìí!

Íméèlì àwọn agbowó orí bá mi nídìí àtẹ. Wọ́n ní ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti fi iye tí wọ́n tà lórúkọ mi ránṣẹ́ sáwọn, ó sì pọ̀ ju iye tí mo kọ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Wọ́n fún mi ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti wá ṣàlàyé. Bí mi ò bá wá, iye tó wà lọ́dọ̀ àwọn ni àwọn máa fi bu owó orí fún mi, pẹ̀lú owó ìtanràn. Mo kà á, mo tún un kà. Oníbàárà kan ń bi mí ní iye ọṣẹ, mo jágbe mọ́ ọn. Kò padà wá mọ́ títí dòní, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Ọmọbìnrin kan ló dá mi lóhùn ní ọ́fíìsì owó orí. Mo ti múra ìjà lọ, àmọ́ ó fún mi ní àga, ó ní, "Ẹ jókòó, Mọ́mì." Ó ṣòro láti bá ẹni tó fún èèyàn ní àga jà. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àdín àti híjáàbù fún un.

Ó ní, "Gbogbo ohun tí àwọn oníbàárà rà lórúkọ yín ni wọ́n kọ ránṣẹ́ sí wa. Wọn ò tíì yọ owó tiwọn kúrò níbẹ̀, wọn ò sì yọ èyí tí àwọn èèyàn dá padà. Bí ẹ bá ta ọjà fún ẹlòmíràn tí ẹ kó gbogbo owó rẹ̀ fún un, kì í ṣe ọjà tiyín. Ṣùgbọ́n a ò lè mọ̀, àfi tí ẹ bá fi hàn wá. Ẹ mú àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ tà wá láti orí ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ mú sítétímẹ́ǹtì báńkì wá, kí àwọn tó ni ọjà sì kọ lẹ́tà pé àwọn ni wọ́n ni í."

"Tí mi ò bá fẹ́ dárúkọ wọn ńkọ́, Àǹtí?"

"A jẹ́ pé tiyín ni gbogbo ẹ̀ nìyẹn."

Mo dìde, mi ò kí i pé ó dàbọ̀. Bí mo bá san ohun tí wọ́n máa bù fún mi, owó òkòwò mi ti wọgbó, ọṣẹ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé orúkọ Màmá lọ síbẹ̀? Àwọn fúnra wọn ló máa ń sọ fún wa bí àwọn ṣe máa ń sá wọ oko ẹ̀gẹ́ nígbà èwe wọn tí wọ́n bá gbọ́ pé agbowó orí ń bọ̀. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé mi kó ọjà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, kí èmi wá fà á lé ìjọba lọ́wọ́? Mo pinnu pé èmi nìkan ni mo máa san án. Mo yọ àdín àti híjáàbù kúrò lórí ṣọ́ọ̀bù, mo sì dákẹ́ bí adìyẹ tí òjò pa.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ò pẹ́. Màmá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Ṣé gbogbo ará Èkó ti pá lórí ni? Wọn ò ra àdín mi mọ́." Bí wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni Àlàájà náà wọlé: "Mo wá ọjà mi títí lórí ṣọ́ọ̀bù rẹ, mi ò rí nǹkan kan. Kí ni mo ṣe fún ọ?" Mo bú sẹ́kún. Mo rò gbogbo rẹ̀ fún wọn, látorí íméèlì dórí oko ẹ̀gẹ́.

Àlàájà dìde, ó sọdá títì lọ. Mo wò ó lọ, ọkàn mi bà jẹ́. Mo ní nínú ara mi pé ojú ayé ni, ọ̀rẹ́ ilé-kéú ti sá lọ.

Kò sá lọ. Gíláàsì ojú rẹ̀ ló lọ mú. Ó jókòó tì mí, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo àlàáàtì owó tí mo ti fi ránṣẹ́ sí i jáde, ó ń ṣépè fún mi bó ṣe ń wá a. "Ta ló ní kí o máa jìyà lórí híjáàbù mi? Ṣé o rò pé olè ni mí? Fún mi ní bébà kí n kọ lẹ́tà náà. Òpònú!" Mi ò gbọ́ èébú tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ti Màmá ló le. Owó lọ́wọ́ ni mo máa ń fún wọn, kò sí àlàáàtì, kò sí ohun tó lè jẹ́rìí. Nígbà tó yá, Màmá bi mí pé, "Ọ́fíìsì náà, ṣé wọ́n máa ń ṣí i lọ́la?"

A lọ lọ́jọ́ kejì. Màmá wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ yídì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká padà." Wọ́n ní kí n panu mọ́. Ọmọbìnrin yẹn ka ti Àlàájà, ó fi wé sítétímẹ́ǹtì mi, ó ní kò sí wàhálà níbẹ̀. Ó wá kọjú sí Màmá. Ó bi wọ́n nípa àdín: ibo ni wọ́n ti ń ra èkùrọ́, ìgò mélòó ni wọ́n ń rí nínú ìkòkò kan, èló ni mo ń kó fún wọn. Wọ́n dá a lóhùn gbogbo rẹ̀, ó sì ń wo àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ó wò wọ́n, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé tí mo bá kọ ọ́ báyìí, lórí orúkọ yín ni ọjà yìí máa wà lọ́dọ̀ ìjọba?"

"Èmi náà ni mo ṣe àdín náà," ni Màmá wí. "Ẹ kọ orúkọ mi. Ọmọ yìí ò jẹ kọ́bọ̀ mi rí. Kò tún ní jẹ gbèsè mi."

Wọ́n tẹ ìka sí lẹ́tà náà. Àmì dúdú kan ṣoṣo ló hàn lórí bébà, kò sí ìlà kankan. Ọmọbìnrin náà wò ó. Ó gba káàdì ìdìbò wọn kọ mọ́ ọn. Ó ní èrè Màmá ò tó iye tí wọ́n máa ń san owó orí lé, pé owó orí lórí èrè ni, kì í ṣe lórí gbogbo ohun tí èèyàn tà. Ó ní kí wọ́n padà lọ síbi NIN, kí wọ́n sọ pé ìka àwọn ò ní ìlà, pé ọ̀nà wà fún irú wọn. Màmá ní, "Ọlọ́run á fún ọ ní ọmọ tó máa gbọ́ràn." Inú mi dùn sí ọmọbìnrin yẹn débi pé ojú tì mí fún ìwà tí mo hù sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí èsì dé, wọ́n ti yọ àdín, wọ́n ti yọ híjáàbù, wọ́n ti yọ àwọn tí wọ́n dá padà. Wọ́n rí i pé èmi náà fojú fo ọṣẹ tí mo tà ní ìparí ọdún, nítorí pé ọdún kejì ni owó rẹ̀ wọlé. Owó kékeré ni wọ́n fi kún tèmi. Mo san án lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo sì sáré lọ sílé Màmá.

Mo bá wọn nídìí ìkòkò, èéfín bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí olè kóni lẹ́rù lọ ni. Mo kúnlẹ̀ sínú eérú láti dúpẹ́. Ẹni tó ti ń sá fún agbowó orí látọjọ́ tí wọ́n ti dáyé ló fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ọ́fíìsì owó orí, nítorí mi.

Màmá wò mí, wọ́n na omorogùn sí mi.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Bá mi ro ó, kó má jóná. Ọwọ́ ń ro mí."

Mo dìde, mo gbà á, mo sì ń ro ó.