Oko Kajú Ọ̀nà Lanlate

Ọdún tí ilé-iṣẹ́ dá wa dúró, gbogbo owó ìdágbére tí wọ́n fún mi ni mo fẹ́ fi dá oko kajú lọ́nà Lanlate. Ìyàwó mi bẹ̀ mí títí.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká fi ìdajì ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń ṣe gàrí. Ebi ò ní dúró de kajú.”

Mo jágbe mọ́ ọn pé òun kọ́ ni wọ́n dá dúró, mo sì kó gbogbo owó náà sórí kajú.

Kí ọdún kejì tó pé, kò sóhun tá a máa jẹ mọ́. Ìyàwó mi kó àwọn ọmọ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ l'Ékòó, ó ní òun á ṣòwò díẹ̀, òun á padà.

Ọdún kẹrin, kajú so. Mo ṣa èyí tó pọ́n jù sínú apẹ̀rẹ̀, mo gbé e kalẹ̀ de ìyàwó mi.

Inú apẹ̀rẹ̀ náà ló rà sí.