Obìnrin Tó Dá Iye Dọ́là Sílẹ̀

Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàfò, èmi nìkan ni mo ń ta kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn àti hínjì ní gbogbo títì wa. Lọ́dún kẹrin ni obìnrin kan tó wá láti Ọ̀ṣun ṣí tirẹ̀ sí òdìkejì. Mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Láràárọ̀ ló máa ń sọdá wá kúnlẹ̀ kí mi, tó ń pè mí ní Àǹtí mi. Bí mo ṣe ń dá a lóhùn ni ojú mi á ti máa lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí n lè mọ iye èèyàn tó ń dúró dè é.

Ṣáínà ni àwa méjèèjì ti ń kó ọjà. Kò sí ẹni tó lè dá kọ̀ǹtéńà kún nínú wa, a máa ń bá àwọn ẹlòmíì pín in ni. Dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé ọjà náà. A ó san díẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ní kí wọ́n máa ṣe é, a ó sì san ìyókù ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà kí wọ́n tó fi ìwé tí a ó fi gba ẹrù ránṣẹ́. Àárín oṣù mẹ́ta yẹn ni náírà ti máa ń já wa kulẹ̀. Owó tó tó lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ kì í tó mọ́ lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ parí rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ iye ọjà láàárín oṣù kan. Agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kọ́ ilé sí Mágbòrò wá bá mi lọ́jọ́ Ajé, mo sọ iye kan fún un. Ó padà wá lọ́jọ́bọ̀, mo ti fi kún un. Kò bá mi jà. Ó kàn wò mí, ó sì sọdá. Iye tí obìnrin yẹn ti sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn náà ló ṣì tà á fún un.

Ìlara ò jẹ́ kí n gbádùn ara mi. Mo sọ fún ẹni tó ń ta ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ayédèrú ni ọjà rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rán èèyàn lọ ra kọ́kọ́rọ́ kan níbẹ̀, mo sì tú u palẹ̀ lórí tábìlì mi. Kò sí ibi tó fi yàtọ̀ sí tèmi, títí dé orí ìdè tó kéré jù nínú rẹ̀. Mi ò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, mo ra àgbàdo sísun, mo gbé e sọdá bí ẹni tó fẹ́ bá a tàkúrọ̀sọ, mo sì fi ẹ̀rín bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é tí iye ọjà rẹ̀ kì í yí padà. Kò fi pa mọ́ fún mi.

"Báńkì ni, Àǹtí mi. Lọ́jọ́ tí mo bá ti ní kí wọ́n máa ṣe ọjà ni èmi àti báńkì ti máa ń dá iye tí mo máa ra dọ́là lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ san ìyókù. Fọ́wáàdù ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ lọ́la, kí n mú yín mọ ẹni tó ṣe é fún mi."

Ì bá wù mí kó parọ́ fún mi. Ká ní ó parọ́ ni, ǹ bá rí ìdí láti kórìíra rẹ̀. Mo ní àyè ò ní í sí lọ́la. Lọ́túnla, èmi nìkan wọkọ̀ lọ sí báńkì náà ní Mowé.

Ọkùnrin tó dá mi lóhùn níbẹ̀ ní sùúrù. Ó ní, "Ká ní ọgọ́rùn-ún náírà ni dọ́là kan lónìí, mà. A lè dá a sí márùndínláàádọ́fà fún oṣù mẹ́ta sí i. Bó bá di àádóje lọ́jọ́ náà, márùndínláàádọ́fà lẹ máa san. Bó bá sì wálẹ̀ di àádọ́rùn-ún, márùndínláàádọ́fà náà ni."

Mo bi í léèrè ìdí tí iye rẹ̀ fi ju ti òní lọ. Ó ní èlé orí náírà ga ju ti dọ́là lọ, ìyàtọ̀ yẹn ló sì wà nínú rẹ̀. Ó ní mo gbọ́dọ̀ mú ìwé tí olùtajà fi díye lé ọjà wá, kí wọ́n fi gba fọ́ọ̀mù ìkọ́jàwọlé fún mi, mo sì gbọ́dọ̀ fi náírà díẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀rí pé mi ò ní í yẹ àdéhùn. Wọn kì í dá iye dọ́là fún ẹni tí kò ní ọjà tó ń bọ̀.

Mo bi í pé èló ni aládùúgbò mi dá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà kan fún òmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìwà hù. Mo ránṣẹ́ sí Ṣáínà pé kí wọ́n ṣe ìlọ́po méjì ọjà tí mo máa ń rà, mo sì ní kí báńkì dá gbogbo ìyókù owó rẹ̀ fún mi. Ọkùnrin náà bi mí bóyá mo máa ń ta tó bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Dọ́là ń gòkè, inú mi ń dùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ wa gbàdúrà pé kí náírà gbérí, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Àmín tèmi ò jáde lẹ́nu mi.

Àfi bí dọ́là ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìsanwó kù díẹ̀, iye rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju iye tí a dá lọ. Mo sáré lọ sí báńkì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yọwọ́.

"Àdéhùn ni, mà," ni ọkùnrin náà wí. "Bí ẹ bá fẹ́ fagi lé e, ẹ máa san ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tá a dá àti iye òní. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣì máa wá dọ́là rà."

Mo san án bí a ṣe dá a. Nígbà tí ọjà mi dé, ó kún ṣọ́ọ̀bù, ó kún pálọ̀ mi nílé, àwọn tó ra dọ́là wọn lẹ́yìn tó wálẹ̀ sì ti ń tà ní iye tó rẹlẹ̀ sí tèmi. Ìtùnú kan ṣoṣo tó kù fún mi ni pé ó ní láti dun obìnrin yẹn náà. Mo sọdá lọ wo ìbànújẹ́ rẹ̀ bí ẹni lọ wòran.

Ó jókòó, ó ń to hínjì sínú páálí. Ó ní lóòótọ́ ni òun san jù níbi èyí tí òun dá. "Àmọ́ ìdajì péré ni mo máa ń dá, Àǹtí mi. Mo ra dọ́là ìdajì kejì ní iye tó wà lọ́jọ́ tí mo sanwó. Mi ò fi ta tẹ́tẹ́. Mo kàn fẹ́ kí n lè sọ iye kan fún oníbàárà, kí n má yẹ ọ̀rọ̀ mi."

Ó wojú mi, ó sì bi mí pé ṣé mo dá púpọ̀ ni. Mo ní rárá. Ó jọ pé kò gbà mí gbọ́, torí kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí agbaṣẹ́ṣe Mágbòrò fi wọlé tọ̀ mí wá. Ilé tó ń kọ́ ti pọ̀ sí i, ọjà obìnrin yẹn ò tó o, òun ló sì ní kó wá sọ́dọ̀ mi. Iye tí obìnrin náà ti sọ fún un ni mo tà á fún un. Èrè rẹ̀ ò ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n pálọ̀ mi ṣófo, mo sì rí owó mi gbà padà.

Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún kúnlẹ̀ fún mi. Ká sòótọ́, ìlara ọkàn rere rẹ̀ yẹn mú mi ju ti ọjà rẹ̀ lọ, nítorí mo mọ̀ pé tí ó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní í ṣe é.

Nígbà tí mo tún fẹ́ kó ọjà, mo padà sí báńkì. Ọkùnrin ọjọ́sí bi mí pé èló ni kí a dá. Mo ní ìdajì. Ó mi orí, ó ní ọgbọ́n nìyẹn, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi.

Mo ní mo fúnra mi rò ó ni.