Mokuruwase Ọ̀nà Lomé

"PIE ni," ìyá àgbà mi wí, ó ti gbé pẹ́ńsù lé ìwé. "Ẹyẹ, lẹ́tà mẹ́ta. Kí ló tún lè jẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má tíì kọ ọ́." Awakọ̀ ò mójú kúrò lójú títì. "Kí ni wọ́n ń bèèrè láti inú àpótí àkọ́kọ́ yẹn lọ sísàlẹ̀?"

Ìyá àgbà súnmọ́ ìwé. "Irin olówó iyebíye, lẹ́tà méjì."

"OR nìyẹn, wúrà. Tí ẹ bá fi P síbẹ̀, PR ló máa jẹ́. Ta ló ń ta PR lọ́jà?"

Ìyá àgbà pòṣé, ó sì kọ OIE, pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn. Inú mi dùn, torí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò sẹ́ni tó ń ta kò ó nílé wa.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe mokuruwase náà, eré àdìtù ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sínú àpótí, láti Elavagnon tí a ti gbéra. Awakọ̀ ló ni ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdarí ọkọ̀, nítorí náà ìyá àgbà ń ka ìbéèrè, àwọn méjèèjì ń ronú, ìyá àgbà sì ń kọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, àwọn mìíràn láti òkè wá sísàlẹ̀, àpótí dúdú sì ń pín wọn níyà. Lẹ́tà tó wà níbi tí méjì ti pàdé, ti àwọn méjèèjì ni. Tí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà tó ń yẹ ìwé ọkọ̀ wò, awakọ̀ á gba ìwé mokuruwase náà, á wò ó fínnífínní. Kì í gba ọ̀rọ̀ kankan gbọ́ àfi tí ọ̀rọ̀ mìíràn bá gba inú rẹ̀ kọjá, tí lẹ́tà wọn sì bára mu. Ẹlẹ́rìí ló ń pe ọ̀rọ̀ kejì yẹn.

Èmi wà láàárín wọn, ooru ẹ́ńjìnì ń jó mi lẹ́sẹ̀. Ẹja gbígbẹ ń rùn láti ẹ̀yìn, epo ọkọ̀ ń rùn, ẹsẹ̀ ìyá àgbà náà sì ń rùn nínú aṣọ tí wọ́n fi wé e. Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é. Ọmọ ìka rẹ̀ ti dúdú. Dókítà ní Atakpamé ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní Lomé, bàbá mi sì ti ṣáájú lọ dúró dè wá ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti sọ fún mi létí pé Notsé la máa sọ̀, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń fi ewé wo egbò. Ó ní dókítà kan ṣoṣo kì í ṣe Ọlọ́run.

Nígbà tí a dé Notsé, ìlà kan ṣoṣo ló kù: ẹranko aṣálẹ̀, àpótí méje, M wà láàárín. Ìyá àgbà pa ìwé dé, ó na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀.

"Sọ̀ wá kalẹ̀ níbí."

Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnì. Ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá àgbà ń sọ sí mi létí, mo rò ó bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Dókítà ní kí wọ́n gé e. Ọ̀rọ̀ kan nìyẹn, ẹ ò gbà á, èmi náà kì í gba ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n láti Elavagnon ni òórùn ẹsẹ̀ yín ti ń bá wa bọ̀. Ẹlẹ́rìí kejì nìyẹn. Ó bá ti dókítà mu."

Gbogbo wa la ti ń ṣe bí ẹni pé ẹja ló ń rùn. Ìyá àgbà sunkún, kò sì bo ojú. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mi ò mọ̀ pé ó lè sunkún. Lẹ́yìn náà ó fi báàgì sílẹ̀.

"Wa ọkọ̀ ẹ, jàre."

A kọjá Tsévié. Níbẹ̀ ló ṣí ìwé.

"CHAMEAU," ó wí.

"Ràkúnmí," awakọ̀ dáhùn. "Ẹ kọ ọ́, Ìyá. Ó ti tán."

Ní Lomé, wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì náà lókè orúnkún, torí ìjẹrà ti gòkè ju ibi tí dókítà ti kọ́kọ́ sọ lọ. Ìyá àgbà tún lo ọdún díẹ̀ láyé, ó sì ń ṣépè fún awakọ̀ yẹn ní òwúrọ̀, ó ń gbàdúrà fún un ní alẹ́. Èmi ni ọ̀pá rẹ̀. Apá òsì rẹ̀ ni mo máa ń wà, á gbé ọwọ́ lé mi, a ó jọ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, lọ jókòó níta.

Mo ti di ìyá ọmọ báyìí. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí mo bá ń bá rìn, apá òsì rẹ̀ ni mo máa ń bọ́ sí láìronú, èjìká mi á sì tẹ̀ díẹ̀, ó ń retí ọwọ́ tó máa bà lé e.